Káróséèlì ORS ní èdè ìgboro: báwo ni mo ṣe máa kọ ọ́ táá fi yé ẹni tí kì í ṣe ọmọ Èkó?

nọ́ọ̀sì_ìgbèríko

Ẹ kú ilé o. Sẹ́ńtà ìlera tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní kí n ṣe káróséèlì kan, àwòrán márùn-ún tó tẹ̀ léra téèyàn á máa fà, fún Instagram lórí bí wọ́n ṣe ń po ORS, ìyẹn ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi, fọ́mọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, a sì tún máa fi ránṣẹ́ sórí Wọ́sáàpù àwọn ìyálọ́mọ. Yorùbá ìgboro ni mo fi kọ ọ́, mo wá fi píjìn lù ú, torí àwọn ìyá ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, tí mo bá kọ ọ́ bíi ti ìwé ìròyìn wọn ò ní fà á dé sílaìdì kejì. Àmọ́ àwọn kan tí mo fi hàn ní kò yé àwọn. Mi ò fẹ́ kí adùn ìgboro kúrò níbẹ̀, mo sì fẹ́ kó yé ẹni tí ò gbé Èkó rí. Kí ni kí n ṣe? Ohun tí mo kọ rèé:

Sílaìdì 1: Bẹ́lẹ̀ ń run pikín ẹ? Má pánìkì, ORS ló máa gbà ẹ́.
Sílaìdì 2: Já ORS kan sínú píọ̀ wọ́tà, pò ó dáadáa, ó ti sẹ́t!
Sílaìdì 3: Kò sí ORS ńlẹ̀? Nò wàhálà. Ṣúgà tó jọjú, iyọ̀ símọ́ọ̀lù, omi lítà kan.
Sílaìdì 4: Máa fún un ní símọ́ọ̀lù-símọ́ọ̀lù. Tó bá bì í, má sítọ́ọ̀pù.
Sílaìdì 5: Tójú ẹ̀ bá ti ń wọlé, tí ò lókun mọ́, jápa lọ ọsibítù.

bọ̀bọ́_ojúẹlẹ́gba

Nọ́ọ̀sì wa ẹ kú iṣẹ́. Èmi ò rí wàhálà kankan níbẹ̀ o, ó dùn, ó ń yọ̀ lẹ́nu. Tẹ́ ẹ bá ń bẹ̀rù pé kò ní yé àwọn kan, ẹ kúkú kọ gbogbo ẹ̀ ní píjìn láti òkè délẹ̀, torí píjìn ò lẹ́yà, Ìgbò gbọ́ ọ, Yorùbá gbọ́ ọ, ará Wàrì gbọ́ ọ. BBC gan-an ti ní ojúlé ìròyìn píjìn láti 2017, tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ ìlera, ọ̀rọ̀ òṣèlú àti bọ́ọ̀lù, tí kì í bá ṣe pé gbogbo èèyàn gbọ́ ọ ni wọn ò ní náwó sí i. Yorùbá tó pín sí ẹ̀ka-ẹ̀ka yìí ló ń dàrú mọ́ èèyàn lójú, ẹni Ìjẹ̀bú á pè é báyìí, ẹni Èkìtì á pè é bá mìíràn.

ọmọ_pọ̀bẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo èèyàn wo? Pọ̀bẹ́ ni mo ti ń kọ̀wé yìí, ní Bìnì Olómìnira, Yorùbá ni ìyá mi fi tọ́ mi, Faransé la sì fi kàwé nílé ẹ̀kọ́. Píjìn tí mo gbọ́ ò ju ohun tí mo rí mú nínú fíìmù Nàìjíríà lọ. Mo mọ pikín, mo mọ wàhálà, ó tán. Símọ́ọ̀lù yìí mo ní láti bi àbúrò mi tó ń tajà ní Ìdíròkò.

Sílaìdì àkọ́kọ́ yẹn wá ṣì mí lọ́nà pátápátá. Mo ní "bẹ́lẹ̀" á jẹ́ inú, bí mo ṣe wá rí "ń run" báyìí, mo ní inú ló ń run ọmọ, inú rírun. Ẹni tínú ń run ọmọ ẹ̀ ò ní wá ORS kiri, àgbo inú rírun ló máa sè, àbí kó fi ọwọ́ gbígbóná ra á níkùn. Ìgbà tí mo dé sílaìdì kẹrin ni mo tó fura pé ìgbẹ́ gbuuru lẹ ń sọ, torí mi ò rí ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ kankan nínú gbogbo sílaìdì márààrún.

akọ̀wé_ojú_páálí

Ọmọ Pọ̀bẹ́ ti fọwọ́ kan ibi tó ń dunni níbẹ̀. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí, mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ orí páálí àti sílaìdì fáwọn tó ń ṣe ìpolongo ìlera, ẹ jẹ́ kí n tú sílaìdì méjì àkọ́kọ́ palẹ̀ torí ibẹ̀ ni ewu wà.

Nínú píjìn, tí wọ́n bá ní bẹ́lẹ̀ pikín ń rọ́ọ̀nù, ìgbẹ́ gbuuru ni wọ́n ń sọ. Rọ́ọ̀nù yẹn, eré ló túmọ̀ sí, inú ń sáré. Tó bá wá di kíkọ, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo èèyàn fi ń kọ ọ́, ìyẹn r-u-n. Lẹ́tà mẹ́ta yẹn kan náà la fi ń kọ "run" tiwa, tó jẹ́ ìrora, tàbí kí nǹkan run tán. Ẹ wá gbé e sí àárín gbólóhùn tó ní "ń" níwájú àti "ẹ" lẹ́yìn, ojú ẹni tó ń ka Yorùbá ò ní ronú kan píjìn rárá, inú rírun ló máa kà. Ẹni tó ń gbé Mushin á kà á kó sì mọ ohun tẹ́ ẹ ń sọ torí ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn rí, ẹni tí ò gbọ́ ọ rí á kà á lọ́nà mìíràn, á sì dá a lójú pé òun mọ ohun tóun kà. Èyí ló burú jù nínú ọ̀rọ̀ ìgboro tó bá wọ ọ̀rọ̀ ìlera. Ọ̀rọ̀ téèyàn ò mọ̀ rárá ò léwu tó bẹ́ẹ̀ torí á béèrè, bí ọmọ Pọ̀bẹ́ ṣe béèrè símọ́ọ̀lù yẹn. Èyí tó rò pé òun mọ̀ ni kò ní béèrè.

Bọ̀bọ́, òótọ́ lẹ sọ nípa BBC, ẹ̀rí nìyẹn pé píjìn lè gbé ọ̀rọ̀ tó wúwo. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ síbẹ̀ ti mọ̀ pé píjìn lòun fẹ́ kà. Káróséèlì nọ́ọ̀sì máa bọ́ sójú ẹni tí ò wá a wá, lédè méjì tí wọ́n pò pọ̀ lójú kan, láìsí àmì tó máa sọ fún un pé ibí yìí píjìn, ibí yìí Yorùbá. Ìpapọ̀ yẹn ló ń jẹ́ kéèyàn ṣì í kà, kì í ṣe píjìn fúnra ẹ̀.

Sílaìdì kejì wá le jùyẹn lọ. Ọ̀pọ̀ sáṣẹ́ẹ̀tì ORS tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà, lítà omi kan ni wọ́n ṣe é fún. Píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ 50cl, ìdajì lítà nìyẹn. Tí ìyá bá já sáṣẹ́ẹ̀tì kan sínú píọ̀ wọ́tà kan bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́, omi náà á ki ní ìlọ́po méjì, iyọ̀ á pọ̀ jù fọ́mọ, ṣúgà tó pọ̀ jù náà á sì tún máa fa omi sínú ìfun, ìgbẹ́ á pọ̀ sí i. Ohun tẹ́ ẹ kọ ò ní àṣìṣe gírámà kankan, ó dùn ún gbọ́ létí, ẹni tó bá sì ṣe bẹ́ ẹ ṣe wí gẹ́lẹ́ ló máa kó ọmọ sí wàhálà.

ìyá_aláǹkárá

Ẹ má bínú pé mò ń wọlé, ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Aṣọ ni mò ń tà, káróséèlì ni mo fi ń polówó, mo sì máa ń kọ ọ́ bá a ṣe ń sọ ọ́ lọ́jà. Mo kọ "lásìtì fáìfù" sábẹ́ aṣọ kan. Oníbàárà kan láti Lọ́ńdọ̀nù ní kí n bá òun kó mẹ́wàá jọ, ó ti rò pé pọ́ùn márùn-ún ni odidi aṣọ kan, ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lèmi ń sọ fún yáàdì kan ṣoṣo. Ó ní mo fẹ́ lu òun ní jìbìtì, ọ̀rọ̀ náà gùn lábẹ́ páálí yẹn tójú fi ń tì mí. Látìgbà yẹn mo máa ń kọ ₦5,000 sórí àwòrán ní nọ́ḿbà, mo sì máa ń fi ọ̀rọ̀ ọjà sínú àlàyé ìsàlẹ̀. Ṣé bẹ́ ẹ ṣe máa kọ iye owó ORS náà nìyẹn?

akọ̀wé_ojú_páálí

Ìyá, nọ́ọ̀sì ò tà á, àmọ́ ẹ ti sọ ohun tó máa ràn án lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ìgboro máa ń gé ìdí iye kúrò. Ẹ̀yin méjèèjì tẹ́ ẹ jọ wà lọ́jà mọ̀ pé fáìfù, ẹgbẹ̀rún ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tí ò sí lọ́jà ò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ṣúgà tó jọjú" àti "iyọ̀ símọ́ọ̀lù" ti nọ́ọ̀sì ṣe rí, ìyá tó bá ti rí nọ́ọ̀sì tó pò ó lójú ẹ̀ á mọ bó ṣe kéré tó, ẹni tó ń wo fóònù ní Ṣakí ò mọ̀.

Ohun tó yẹ kó wà nínú sílaìdì kẹta ni ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, lítà omi kan tó mọ́. Ṣíbí náà gbọ́dọ̀ kún dọ́gba, kó má yọrí. Ẹ kọ iye yẹn ní nọ́ḿbà, kó tóbi ju gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù lọ, kẹ́ ẹ sì ya ṣíbí tí orí ẹ̀ tẹ́jú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Iyọ̀ ló léwu jù níbẹ̀, òun ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó hàn jù.

tíṣà_fẹ̀yìntì

Mo kí gbogbo yín. Èmi rò pé ìbéèrè yìí ti ní ìdáhùn tipẹ́. Ọ̀rọ̀ ìlera kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgboro. "Ìgbẹ́ gbuuru" wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa, ó yé ará Ọ̀yọ́, ó yé ará Oǹdó, ó sì yé ọmọ Pọ̀bẹ́. Kí la wá ń fi bẹ́lẹ̀ àti pikín ṣe? Àti pé, nọ́ọ̀sì, ẹ wo gbogbo sílaìdì yẹn, "pikín ẹ" àti "gbà ẹ́" ni. Ìyá ọmọ lẹ ń bá sọ̀rọ̀. Ìyá ọkọ ẹ̀ ló sì sábà máa ń di ọmọ náà mú nílé, àgbàlagbà. Ta ló máa gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹni tó ń pe òun ní ìwọ?

ọmọ_ìgboro_gidi

Bàbá wa, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, ṣùgbọ́n èmi ò fara mọ́ ọn, ara mi tiẹ̀ ń gbóná díẹ̀ lórí ẹ̀. Ìbàdàn ni wọ́n ti bí mi, èdè ìgboro ni màmá mi fi tọ́ wa, òun náà ló sì fi ń bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ ní ọsibítù. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ní ká fi èdè wa ṣe ẹ̀fẹ̀ níwájú, kí ọ̀rọ̀ gidi wá jẹ́ ti ìwé, ohun tẹ́ ẹ ń sọ ni pé èdè wa ò lè gbé ọ̀rọ̀ gidi. Irọ́ ni. Ẹ gbọ́ báyìí: "lítà omi kan" tí gbogbo yín ń pè ní Yorùbá tó yéni yìí, ìyá wo ló ní ohun èlò tí wọ́n kọ lítà sí nílé? Àmọ́ píọ̀ wọ́tà méjì, gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n, ó wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ìwọ̀n ẹ̀ ò yí padà, omi inú ẹ̀ sì sábà máa ń mọ́ ju ti inú korobá lọ. Ọ̀rọ̀ ìgboro lèyí tó pé jù nínú gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì kọ, kàn jẹ́ pé ẹyọ kan ló kọ dípò méjì.

akọ̀wé_ojú_páálí

Ọmọ ìgboro, mo gbà fún ẹ lórí èyí, ó sì ti tún èrò mi ṣe, torí ohun tí mo fẹ́ kọ tẹ́lẹ̀ ni pé kí nọ́ọ̀sì fi ìgboro sí sílaìdì àkọ́kọ́ nìkan. Ibi tọ́rọ̀ wà ni bóyá ẹni tó kà á ní ohun náà lọ́wọ́ àbí kò ní. Píọ̀ wọ́tà ṣeé fọwọ́ mú. "Símọ́ọ̀lù" ò ṣeé fọwọ́ mú. Ìgboro làwọn méjèèjì, ọ̀kan ń wọn nǹkan, ọ̀kan ò wọn nǹkan kan. Nítorí náà píọ̀ wọ́tà á dúró sí sílaìdì kejì, á di méjì, ẹ ó wá kọ ọ́ pé "píọ̀ wọ́tà 2, ìyẹn lítà 1," kí ẹni tí ò rí píọ̀ wọ́tà níbi tó wà lè wá lítà ẹ̀. Ẹ tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n ka ohun tó wà lára sáṣẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó já a, torí àwọn kan wà tí wọ́n ṣe fún omi tó kéré sí lítà kan.

"Jápa" tó wà ní sílaìdì karùn-ún ńkọ́? Èmi á yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti ní ẹrù mìíràn lórí báyìí, kéèyàn fi ìlú sílẹ̀ lọ òkè òkun ló kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn, kó tó di ìyẹn gan-an, sísá kúrò níbi kan ni, kì í ṣe sísáré lọ síbi kan. Ibi tẹ́ ẹ fi sí ló sì tún burú, torí ìyá tó bá dé sílaìdì yẹn tó ń wo ọmọ tójú ẹ̀ ti jìn wọlé ò ní àyè láti ronú. "Gbé e lọ ọsibítù báyìí báyìí." Kò sí ọmọ ìgboro tí ìyẹn ò yé.

Ẹ má gbàgbé ohun méjì tí káróséèlì máa ń ṣe tí páálí ara ògiri kì í ṣe. Àkọ́kọ́, wọn kì í fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́. Èèyàn á ya fọ́tò ojú fóònù sí sílaìdì kan, èyí tó wù ú, á jù ú sórí Wọ́sáàpù ẹbí, ibẹ̀ ló máa gbé wà fún oṣù mélòó kan. Ìkejì, ẹni tó bá rí i tí ò fà á, Instagram lè tún gbé e wá fún un nígbà mìíràn kó jẹ́ sílaìdì kejì ló máa wà níwájú. Tẹ́ ẹ bá wá dá àpárá ìgboro sí sílaìdì kìíní, tí ìtumọ̀ ẹ̀ wà ní ìkejì, àwọn kan máa rí ìkejì nìkan, àwọn kan á rí ìkẹta nìkan. Sílaìdì tó ní ìwọ̀n gbọ́dọ̀ sọ orúkọ àìsàn náà, kó sọ ohun tí wọ́n ń pò, kó sọ iye ẹ̀, lójú kan ṣoṣo. Tẹ́ ẹ bá wo sílaìdì kẹta yín yẹn láìsí ìyókù, ṣúgà, iyọ̀, omi, mo lè rò pé àmàlà oníṣúgà lẹ ń kọ́ èèyàn.

gírááfíìkì_lábẹ́_afárá

Mo ti ka gbogbo ẹ̀, ohun tí mo rí ni pé wàhálà yín ò ju fọ́ǹtì lọ. Tẹ́ ẹ bá kọ "ẹ̀" lórí Canva pẹ̀lú àwọn fọ́ǹtì oge yẹn, àmì á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, tàbí kí "ọ" kan ṣoṣo kéré ju àwọn ìyókù lọ torí fọ́ǹtì náà ò ní i, wọ́n á lọ yá a láti inú fọ́ǹtì mìíràn. Noto Sans ni kẹ́ ẹ lò, gbogbo àmì wa ló wà níbẹ̀. Ẹ ṣe é ní 1080 × 1350, kẹ́ ẹ má kọ nǹkan kan sí etí àwòrán náà.

nọ́ọ̀sì_ìgbèríko

Ẹ ṣeun, màá pààrọ̀ fọ́ǹtì náà, lóòótọ́ àwọn àmì kan ń fò. Àmọ́ tí mo bá fi gbogbo àmì sí i, ṣé "ń run" yẹn á wá di píjìn ni?

gírááfíìkì_lábẹ́_afárá

Rárá o, ìyẹn ò lè tún un ṣe. Ohùn "run" yẹn kò gba àmì rárá, àárín ló wà.

àǹtí_pẹ́kàmù

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwa tá a wà níbí. Màmá mi ló ń bá mi tọ́jú ọmọ, ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, fóònù ni wọ́n máa ń jẹ́ kó ka nǹkan sí wọn létí. Ọ̀rọ̀ tó bá wà nínú àwòrán, fóònù lè má kà á tàbí kó ṣì í kà àyàfi tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ sínú àyè àlàyé àwòrán tí wọ́n ń pè ní alt text nígbà tẹ́ ẹ bá ń gbé e sókè. Àwọn ọmọ mi náà, tí wọn ò gbọ́ Yorùbá tó jinlẹ̀, ìtumọ̀ tí Instagram máa ń ṣe, àlàyé ìsàlẹ̀ ló máa ń túmọ̀, kì í dé ọ̀rọ̀ inú àwòrán.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ni pé kẹ́ ẹ fi ìgboro sórí àwòrán bó ṣe wù yín, kẹ́ ẹ wá kọ gbogbo ìwọ̀n yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i ní Yorùbá tó lọ tààrà sínú àlàyé ìsàlẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ fi sí o, torí ohun tó bá ti lọ sísàlẹ̀ jù, ẹ̀yìn bọ́tìnì ló máa sá sí, ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní tẹ̀ ẹ́.

bọ̀bọ́_ojúẹlẹ́gba

Ó dáa, mo ti gbọ́. Àmọ́ mo ṣì dúró lórí ohun kan: tẹ́ ẹ bá yọ pikín, tẹ́ ẹ yọ bẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ yọ jápa, tẹ́ ẹ yọ símọ́ọ̀lù, kí ló wá kù tí ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó ń yí fídíò ijó lọ yí bọ̀ á fi dúró wò ó?

akọ̀wé_ojú_páálí

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Èmi ò ní kó yọ ìgboro kúrò ní sílaìdì kìíní. Ohun tí mo máa ṣe níbẹ̀ ni pé kí ọ̀rọ̀ ìgboro àti ọ̀rọ̀ tó yé gbogbo èèyàn jọ wà nínú gbólóhùn kan náà, kí ọ̀kan máa ti èkejì lẹ́yìn, láìṣe pé wọ́n ń túmọ̀ ara wọn. Bí àpẹẹrẹ: "Pikín ń yàgbẹ́ gbuuru látàárọ̀? Má pánìkì, má sì jókòó wò ó." Ọmọ Pọ̀bẹ́ tí ò mọ pánìkì á mọ ìyókù, "látàárọ̀" á sì mú ìyá tó ti ń fọ nápíìnnì látàárọ̀ dúró, torí ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ ni. Èyí tó ń múni dúró ju sílàǹgì lọ nìyẹn, kí ìyá rí ilé ara ẹ̀ níbẹ̀.

Ìdí mìíràn tí mi ò fi fẹ́ kí sílàǹgì pọ̀ ni pé wọ́n máa ń tètè gbó. Ẹni tó bá tọ́jú káróséèlì yín sínú fóònù lè padà ka á lọ́dún tó ń bọ̀ nígbà tí ọmọ mìíràn bá ń yàgbẹ́, ìwọ̀n ORS ò ní tíì yí padà, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó ń jà ràn-ìn lónìí lè ti di ti àná. Pikín àti wàhálà ti wà tipẹ́, ẹ lò wọ́n. Èyí tó jáde lóṣù tó kọjá, ẹ fi sínú àlàyé ìsàlẹ̀ tó ṣeé pààrọ̀, torí ọ̀rọ̀ inú àwòrán kò ṣeé tún kọ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti gbé e jáde.

Kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, ẹ fún àwọn èèyàn kà. Ìyá ọ̀dọ́ kan, ìyá àgbà kan, ẹnì kan tí kì í ṣe ará Èkó. Ẹ má bi wọ́n pé "ṣó yé yín?" torí gbogbo èèyàn ló máa ní ó yé òun. Ẹ gbé omi, ṣíbí, ṣúgà àti iyọ̀ síwájú wọn, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kà á, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n pò ó. Ẹ máa wo ọwọ́ wọn. Ibi tí ọwọ́ bá ti dúró, tàbí tó bá ti bu ṣíbí tó yọrí, sílaìdì yẹn ni kẹ́ ẹ lọ tún kọ.

nọ́ọ̀sì_ìgbèríko

Mo ti ṣe é. Ìyálọ́mọ kan tó wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ ẹ̀, ìyá àgbà kan tó tẹ̀ lé ìyàwó ọmọ ẹ̀ wá, àti òṣìṣẹ́ wa kan tó jẹ́ ará Kàbà. Mo fún wọn ní èyí tí mo tún kọ, mo sì gbé ohun èlò síwájú wọn.

Píọ̀ wọ́tà méjì yẹn, kò sẹ́ni tó ṣì í. Ìyá àgbà tiẹ̀ ní kí n fi àwòrán ẹ̀ síbẹ̀ kó tóbi. Ìdajì ṣíbí iyọ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀. Ìyálọ́mọ yẹn bu ṣíbí tó yọrí gan-an, ó wá da díẹ̀ nínú ẹ̀ nù, ó ní ìdajì nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ohun tó ṣẹ́ kù fẹ́ẹ̀ kún ṣíbí. Mo ti kọ ọ́ báyìí pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí iyọ̀ dọ́gba, kí wọ́n tó pín in sí méjì. Ará Kàbà ni "símọ́ọ̀lù-símọ́ọ̀lù" ti sílaìdì kẹrin yé òun, ó wá gbé odidi kọ́ọ̀pù sọ́mọ lẹ́nu. Ẹ wo bí mo ṣe tún un kọ:

Sílaìdì 1: Pikín ń yàgbẹ́ gbuuru látàárọ̀? Má pánìkì, má sì jókòó wò ó. Fa sílaìdì tó kàn wá.
Sílaìdì 2: ORS fún ìgbẹ́ gbuuru: sáṣẹ́ẹ̀tì 1 + píọ̀ wọ́tà 2 (lítà 1). Ka ara sáṣẹ́ẹ̀tì kó o tó já a. Tó bá ti pé wákàtí 24, dà á nù, po tuntun.
Sílaìdì 3: Kò sí ORS ńlẹ̀? Nò wàhálà. Fún ìgbẹ́ gbuuru: ṣúgà ṣíbí tíì 6 + iyọ̀ ÌDAJÌ ṣíbí tíì + píọ̀ wọ́tà 2. Fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí ṣíbí dọ́gba, lẹ́yìn náà pín ti iyọ̀ sí méjì, lo ìdajì. Iyọ̀ ò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Sílaìdì 4: Ṣíbí kan, sinmi, ṣíbí kan, sinmi. Gbogbo ìgbà tó bá ti yàgbẹ́ ni kó tún mu. Tó bá bì í, dúró ìṣẹ́jú 10, bẹ̀rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Ọmú ò gbọdọ̀ dúró.
Sílaìdì 5: Ojú ọmọ ti jìn wọlé? Ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́? Kò lè mu nǹkan, tàbí kò lókun láti jí? Gbé e lọ ọsibítù báyìí báyìí.

ọmọ_pọ̀bẹ́

Ó yé mi báyìí láti òkè délẹ̀. Ohun kan péré: níbi tí mo wà, ike omi lítà kan àtààbọ̀ la sábà máa ń rà. Tí wọ́n bá já sáṣẹ́ẹ̀tì kan sínú gbogbo ẹ̀, á ṣàn jù. Lítà kan tẹ́ ẹ kọ yẹn ti gbà mí, àmọ́ ẹ jẹ́ kó tóbi tó píọ̀ wọ́tà náà, ẹ má fi sí lẹ́tà kéékèèké.

nọ́ọ̀sì_ìgbèríko

Màá mú un tóbi. Ẹ ṣeun gan-an.

tíṣà_fẹ̀yìntì

Ó ti dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo sì yin ọmọ ìgboro fún ti píọ̀ wọ́tà yẹn. Ṣùgbọ́n "má jókòó" àti "gbé e lọ" ṣì wà níbẹ̀. Mo ṣì ní kí ẹ kọ "ẹ má jókòó," "ẹ gbé e lọ." Ìyá àgbà tẹ́ ẹ fún kà, ṣé ẹ bi í bó ṣe rí lára ẹ̀?

nọ́ọ̀sì_ìgbèríko

Mo bi í, bàbá. Ó ní kò dun òun, pé fóònù ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Ìyálọ́mọ ló ní tí mo bá kọ "ẹ" á dà bíi pé ìjọba ló kọ ọ́, òun á kàn fò ó.

ọmọ_ìgboro_gidi

Ẹ wò ó. "O" ni kó wà.

tíṣà_fẹ̀yìntì

Ìyá àgbà kan ò lè sọ̀rọ̀ fún gbogbo ìyá àgbà. Ẹ ṣe méjèèjì, kẹ́ ẹ fi ti "ẹ" ránṣẹ́ sórí Wọ́sáàpù ẹbí, ti "o" sórí Instagram. Iṣẹ́ ẹ̀ ò pọ̀.

akọ̀wé_ojú_páálí

Iṣẹ́ ẹ̀ pọ̀ díẹ̀ o, torí tí wọ́n bá rí àṣìṣe nínú ọ̀kan, méjèèjì ni wọ́n máa tún ṣe, ìgbà tó bá sì yá, ọ̀kan á gbàgbé. Àmọ́ mi ò ní sọ pé kò dáa. Nọ́ọ̀sì, tẹ́ ẹ bá máa ṣe é bẹ́ẹ̀, sílaìdì kejì àti ìkẹta ni kẹ́ ẹ ṣe ní ọ̀kan ṣoṣo tí méjèèjì á jọ máa lò. Ẹ kọ ibẹ̀ láìpe ẹnikẹ́ni ní "o" tàbí "ẹ", nọ́ḿbà, orúkọ àti àwòrán ṣíbí ni kó wà níbẹ̀.

nọ́ọ̀sì_ìgbèríko

Ìyẹn ṣeé ṣe. "Ka ara sáṣẹ́ẹ̀tì kó o tó já a" á wá di "Iye omi tí wọ́n kọ sára sáṣẹ́ẹ̀tì ni kó jẹ́." Màá ya àwòrán ṣíbí náà lónìí, kí n fún ìyálọ́mọ yẹn wò lẹ́ẹ̀kan sí i tó bá tún wá fún abẹ́rẹ́ tó kàn.